Gàrí tó kún ọjà ni, àbí olú tí ẹnì kankan kò tíì tà?

Àbíkẹ́_Apẹ̀tẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ₦700,000 tí mo fi ọdún mẹ́ta kó jọ, n kò sì ṣòwò rí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin olú lọ́dún tó kọjá, kò sì sí ẹni tó ń tà á ní gbogbo agbègbè wa n'Ìbàdàn níbí. Àǹtí mi kan tó ń ta gàrí ní Bódìjà ní kí n wá bá òun, ṣùgbọ́n lójú mi, àwọn tó ń ta gàrí níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Èwo ni kí n fi owó yìí ṣe: èyí tó ti kún tí wọ́n sì ń rà dájú, àbí èyí tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀?

Dèjì_Sábó

Olú ni o, Àbíkẹ́. Má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ogójì ènìyàn bá ti ń ta ohun kan náà, ẹ̀dínwó ni wọ́n á máa fi figagbága títí èrè á fi tán pátá. Tí o bá dé ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ìwọ lo máa sọ iye tí ò ń tà.

Ẹ wo Indómì. Nígbà tí wọ́n kó o dé Nàìjíríà ní 1988, àwọn ènìyàn ń sọ pé ekòló ni. Kò sí ẹni tó ń tà á, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ. Lónìí, ilé wo lẹ máa wọ̀ tí ẹ kò ní bá a? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kó gbogbo ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Dèjì ọmọ mi, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Indómì, ṣùgbọ́n o fo apá kan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kó o wá ti ń ṣòwò mìíràn ní Nàìjíríà kó tó di 1988. Owó òwò yẹn ló ń gbé èyí dìde. Wọ́n ń sè é fún ènìyàn tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń kọ́ ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọdún 1995 ni wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ọdún méje rèé láàárín. Àbíkẹ́ ní ₦700,000, ó sì máa jẹun lóṣooṣù. Ta ni yóò bọ́ ọ fún ọdún méje tí yóò fi máa kọ́ àwọn ará Apẹ̀tẹ́ ní olú jíjẹ?

Àbíkẹ́, láti ọdún 2006 ni mo ti ń ta gàrí, nítorí náà gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Àwọn ogójì tí o rí yẹn, kì í ṣe ọjà kan náà ni wọ́n ń tà. Ẹnì kan ń ta èyí tó kúná tó sì kan, tí wọ́n ń bu omi sí mu. Ẹnì kan ń ta èyí tí kò kan púpọ̀ fún àwọn olóúnjẹ tó ń tẹ ẹ̀bà. Ẹnì kan kì í ta kóńgò rárá, àpò ló ń tà fún àwọn tó ń tún un tà. Ẹni tó wá rà mọ èyí tó ń wá, ojú àlejò nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti jọra.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o jókòó ti Àǹtí rẹ fún ọjọ́ márùn-ún. Má tà nǹkan kan. Máa gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń ráhùn lé lórí kí wọ́n tó sanwó. Màá sọ èyí tí wàá gbọ́ fún ọ. Àkọ́kọ́, iyanrìn: wọ́n á ní gàrí àná fọ́ eyín ọkọ àwọn. Ìkejì, pé kò gbẹ: gàrí tí wọ́n sáré yan nítorí kí ó lè tẹ̀wọ̀n máa ń wúwo, ó máa ń dì mọ́ ọwọ́, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi bu sínú àpò. Ìkẹta, kóńgò: àwọn kan ń tẹ ìdí kóńgò wọnú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹni tó bá rà kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ irú wọn, kì í ṣe mẹ́wàá ló gbé délé.

Níbi ìráhùn mẹ́ta yìí ni àyè wà fún àlejò. Oúnjẹ ni wọ́n ń rà, wọn ò tún nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Àbíkẹ́_Apẹ̀tẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa gàrí ni pé n kò ní oníbàárà kankan, Àǹtí sì ní àwọn tó ti ń bá a rajà láti ogún ọdún. Ní ti olú, mo ti béèrè ní ilé ìtura mẹ́ta ní apá Bódìjà àti Agodi. Gbogbo wọn ló ní kí n máa gbé e bọ̀. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àmì pé wọ́n ń fẹ́ ẹ?

Olóko_Ọbáńtókò

Àbúrò mi, "máa gbé e bọ̀" yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á, mo ti gbin olú rí l'Abẹ́òkúta, mo sì ti fi í sílẹ̀.

Ilé ìtura méjì àti obìnrin kan tó ń se oúnjẹ àríyá ló sọ fún mi pé kí n máa gbé e bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fún mi ní kọ́bọ̀ ṣáájú. Mo ra ìyẹ̀fun pákó arère, mo pò ó mọ́ èérí ìrẹsì àti ẹfun díẹ̀, mo wọ́n omi sí i títí tó fi jẹ́ pé bí mo bá fún un lọ́wọ́, ìkán omi bíi méjì mẹ́ta péré ló ń jáde. Mo dì í sínú ọ̀rá 400. Ó yẹ kí n fi ooru omi sè wọ́n nínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Igi ìdáná tán lọ́wọ́ mi nígbà tí ìpele kan wà lórí iná, mo sì sọ̀ ọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mo ní kò ní í ṣe nǹkan. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, 70 nínú àwọn ọ̀rá náà bu, inú wọn sì ní àwọ̀ ewé. Olú tó dára, funfun bí òwú ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ràn. Bí o bá ti rí àwọ̀ ewé, kí o gbé ọ̀rá náà jìnnà sí ìyókù lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ń ràn.

Ọ̀rá 330 ló kù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi ní nǹkan bí 200 gíráàmù lápapọ̀, ìyẹn nǹkan bí 66 kílò. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí: kì í jáde ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀. Èyí tó lé ní ìdajì jáde láàárín ọjọ́ márùn-ún. Olú tútù kò lè ju ọjọ́ kan sí méjì lọ lórí káńtà wa yìí, tí kò bá sí nínú ẹ̀rọ amómitutù. Mo gbé e dé ilé ìtura àkọ́kọ́. Alásè wọn mú 4 kílò, ó ní òun á kọ́kọ́ wò bí àwọn àlejò ṣe gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí wọ́n tó sanwó rẹ̀. Ìkejì ní ọ̀gá tí mo bá sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin alásè àríyá mú 7 kílò. Mo sá ìyókù, tó jẹ́ kílò 24, sínú oòrùn. Kílò mẹ́wàá tútù kì í ju kílò kan lọ tó bá gbẹ. Kílò 24 di 2 kílò lé díẹ̀ lójú mi.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ nìyí: kí ló dé tí ibẹ̀ fi ṣófo? Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó ronú kàn án. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni mẹ́fà ti wọ ibẹ̀, wọ́n sì ti jáde, tí o kò sì rí wọn nítorí pé ẹni tó bá ti kógbá sílé kì í ní pátákó mọ́. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́: nínú àwọn tí ẹ jọ kọ́ ọ àti àwọn tó ṣáájú yín, mélòó ló ṣì ń gbin olú lónìí?

Àbíkẹ́_Apẹ̀tẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ti pè wọ́n báyìí. Àwa mọ́kànlélógún la kọ́ ọ ní ọ̀wọ́ tiwa. Ẹni méjì ló ṣì ń gbìn ín. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, irúgbìn olú ló ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kì í ṣe olú gan-an.

Màmá_Bísí_Ọ̀tà

Àbíkẹ́, má lọ síbi tó ṣófo o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọjà tuntun kan sí ìtòsí wa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rẹwà, simẹ́ńtì ni ilẹ̀, ó ní òrùlé, owó ẹ̀ ò sì wọ́n nítorí kò tíì sí ẹni tó gbà á. Mo kó bàtà ọmọdé mi kúrò létí títì níbi tí gbogbo wa ti ń fún ara wa lọ́rùn, mo lọ gba ṣọ́ọ̀bù méjì níbẹ̀. Ọdún kan àtoṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó. Àwọn oníbàárà ò wá, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà fẹ́ ra ẹja àti ata lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹlẹ́ja ò sì kúrò létí títì. Àwọn ẹlẹ́ja náà ní àwọn ò lè wá nítorí pé oníbàárà ò sí. Mo padà sí etí títì. Tí o bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, Bódìjà ni kí o dúró sí.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá Bísí, ojú yín rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ọmọ yìí ń bèèrè, ohun tí yóò tà ló ń bèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ wúlò fún un, torí ẹni tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onígàrí ń jẹ àǹfààní àwọn èrò tó wá torí gbogbo wọn. Bí mo bá dá nìkan jókòó ní Apẹ̀tẹ́, ta ló máa wọ mọ́tò wá bá mi torí gàrí nìkan?

Kúnlé_Dùgbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Bọ̀dá Dèjì mú Indómì wá, èmi máa mú fóònù wá. Ní 2001, nígbà tí MTN àti Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè. Bí o bá fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sọ pé "mo ti dé", owó ìṣẹ́jú kan gbáko ló lọ. Gbogbo ènìyàn ló ń kùn. Gló dé ní 2003, wọ́n bá àwọn tó ti gba ọjà níwájú, wọ́n sì ní ìṣẹ́jú àáyá làwọn á fi máa kà á. Fóònù kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́ lójú ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ìráhùn tó wà nílẹ̀ ni wọ́n gbé tà. Ohun tí Ìyá Ìbejì ń sọ nípa iyanrìn àti kóńgò náà nìyẹn.

Dèjì_Sábó

Mo gbọ́, mo sì gbà pé ogún nínú mọ́kànlélógún kò sí nídìí títa olú mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n Kúnlé, parí ìtàn rẹ. Ṣé àwọn yòókù kò padà fi ìṣẹ́jú àáyá kà á ni? Gbogbo wọn ló ṣe é. Tí Àbíkẹ́ bá ń ta gàrí tí kò ní iyanrìn, tó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ra ajọ̀ àti òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló wá kù fún un?

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Dèjì, n kò sì ní ìdáhùn tó pé. Wọ́n á wò ó kọ́ lóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé jíjọ̀ gàrí ń gba agbára, ó sì ń dín àpò kù. Ọ̀pọ̀ onígàrí tó ti ní oníbàárà kò ní í ṣe é, nítorí pé wọ́n ń tà láìṣe é. Ẹni tí kò tíì ní oníbàárà nìkan ni wàhálà náà yẹ. Bí wọ́n bá sì wò ó kọ́ lẹ́yìn ọdún kan, orúkọ rẹ̀ á ti wà lẹ́nu àwọn kan.

Àbíkẹ́, ohun kan wà tó burú ju ẹni tó ń wo nǹkan ẹni kọ́ lọ nínú gàrí. Àwìn ni. Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní o ra àpò 50 kílò ní ₦38,000, o sì fi ₦2,000 gbé e dé ilé. O jọ̀ ọ́, 2 kílò lọ sí èérún àti ìdọ̀tí. Ó ku 48 kílò, o dì í ní kílò méjì méjì, ó di ọ̀rá 24. Ọ̀rá tí o fi dì í jẹ́ ₦100 lẹ́yọ kan, ìyẹn ₦2,400. Gbogbo ìnáwó rẹ jẹ́ ₦42,400. O ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦2,000, o gba ₦48,000. Èrè rẹ lórí àpò kan jẹ́ ₦5,600. Bí ẹni mẹ́ta péré bá gbé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan láwìn tí wọn kò san, ₦6,000 ti lọ. Gbogbo àpò náà, òfo lo ṣe é. Fi iye tí ọjà bá wà lọ́jọ́ náà rọ́pò tèmi, wàá rí i pé bákan náà ni.

Kí o tó sanwó àpò, ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, má wo òkè nìkan. Bu ẹ̀kúnwọ́, kí o gbọ̀n ọ́n: èyí tó gbẹ máa ń dún ṣàkàṣàkà. Bu díẹ̀ sínú ife, kí o sàmì sí ibi tó dé, kí o da omi tútù sí i, kí o fi í sílẹ̀ díẹ̀. Gàrí tó dára á wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tí kò bá wú tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́bà kò ní í padà wá bá ọ.

Kúnlé_Dùgbẹ̀

Kí o tó tẹ orúkọ rẹ sára ọ̀rá, kí o sì gbé e sí ilé ìtajà, lọ bèèrè lọ́wọ́ NAFDAC. Títà fún ará àdúgbò láti inú agbọ̀n yàtọ̀ sí oúnjẹ tí wọ́n dì tí wọ́n sì fi orúkọ sí.

Olóko_Ọbáńtókò

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí Àbíkẹ́ ju olú nù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ohun tí èmi ìbá ti ṣe nìyí. Ẹni kan ṣì ń gbìn ín nínú àwọn mọ́kànlélógún. Ra 5 kílò lọ́wọ́ rẹ̀, lọ tà á. Má ra ìyẹ̀fun pákó, má kọ́ àtíbàbà, má gbin ẹyọ kan. Tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Ohun tí o ń wò kì í ṣe iye tí o tà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ẹbí á rà á, ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ náà á rà á. Ẹni tó padà wá fúnra rẹ̀ ni kí o kà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn náà, ta àpò gàrí kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ iye tí o fẹ́ ná lórí olú sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, bíi ₦60,000, kó sì jẹ́ pé ibi tó bá tán sí ni o dúró. Èmi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi kún un títí.

*(Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà)*

Àbíkẹ́_Apẹ̀tẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Ìbejì. Mo ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Olú: mo ra á ní ₦3,500 kílò kan, mo tà á ní ₦5,000. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ta 3 kílò nínú 5. Mo san ₦17,500, mo gba ₦15,000, kílò méjì sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni mẹ́sàn-án ló rà á. Àwọn ilé ìtura mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀kan ní kí n fi sílẹ̀, àwọn á san lópin oṣù, mo sì gbé e padà. Àwọn méjì yòókù ní kò sí nínú ohun tí àwọn ń sè báyìí. Lọ́sẹ̀ kejì, nínú àwọn mẹ́sàn-án, ẹni méjì péré ló padà wá. Ẹlòmíràn sọ fún mi lójú pé olú tí òun ò mọ igi tó ti hù, òun ò lè gbé e fún ọmọ òun jẹ. Lọ́sẹ̀ kẹta, 2 kílò ni mo rà, àwọn méjì kan náà ló rà gbogbo rẹ̀ tán. Mo dúró síbẹ̀, n kò ná tó ₦60,000.

Gàrí: mo jókòó ti Àǹtí, ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀kan tí wọn kò sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ máa ń sọ pé àwọn ò ráyè wọ inú ọjà. Mo wá ń gbé e lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn ní agogo mẹ́rin. Àpò kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tà ní ọjọ́ mẹ́fà. Àpò méjì lọ́sẹ̀ kejì. Àpò mẹ́ta lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú wọn kò gbẹ dé ìsàlẹ̀, mi ò kiwọ́ bọ̀ ọ́ jinlẹ̀ tó, mo sì ní láti sá a kí n tó tà á. Ẹni mọ́kàndínlógún ló ti rà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìbéèrè mi: nọ́ọ̀sì kan fẹ́ máa gba ọ̀rá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó san lọ́jọ́ owó oṣù. Ṣé kí n gbà?

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Má gbà o. Ọ̀rá mẹ́wàá jẹ́ ₦20,000. Bí oṣù yẹn bá pẹ́ kí owó wọn tó dé, èrè àpò mẹ́ta àti ààbọ̀ lo fi ṣètọ́jú wọn.

Kúnlé_Dùgbẹ̀

Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba mẹ́wàá ló máa bá a tà á fún ẹni tí kò mọ̀ rárá. Kó gba ìdajì owó ṣáájú, kó sì fún un láyè fún ìdajì tó kù, lẹ́ẹ̀kan péré, kó wò ó.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Ìdajì ṣáájú, mo lè gbà á. Gbogbo rẹ̀ láwìn, rárá.

Olóko_Ọbáńtókò

Àbíkẹ́, àwọn méjì tó padà wá torí olú, ta ni wọ́n? Ṣé o bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń rà á?

Àbíkẹ́_Apẹ̀tẹ́

Mo bèèrè, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Èkìtì ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti ń jẹ olú láti kékeré. Wọ́n ní nígbà òjò, àwọn ń rí olú oko rà létí ọ̀nà bí àwọn bá lọ sílé, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, kò sí mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun mọ bí àwọn mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ ìlú àwọn tó ń wá a.

Olóko_Ọbáńtókò

Ẹ̀n-ẹ́n! Oṣù keje ni gbogbo ọ̀rá tèmi so, lásìkò tí àwọn obìnrin ń ta olú ògán kiri ní gbogbo ọ̀nà Abẹ́òkúta. N kò tilẹ̀ rò ó. Kì í ṣe pé ọjà ṣófo nígbà yẹn, olú oko ló wà níbẹ̀ tí n kò kà sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń ṣófo.

Ṣùgbọ́n má sáré. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ṣòro láti gbìn ín jù. Bí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, etí olú á gbẹ, á là, kò sì ní í dàgbà. Wàá fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bo ara ògiri, wàá sì máa wọ́n omi sí afẹ́fẹ́ inú ilé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Má bù ú sórí olú gan-an, á rà. Ṣé omi wà nílé yín ní oṣù kejìlá?

Àbíkẹ́_Apẹ̀tẹ́

Kànga wa máa ń lọ sílẹ̀ láti oṣù kìíní, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń ní omi ní oṣù kejìlá. Mo ti ní kí ọmọ Èkìtì yẹn bá mi bi àwọn mẹ́jọ náà bóyá wọ́n lè san ìdajì owó kílò kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Bí márùn-ún nínú wọn bá san, màá di 40 ọ̀rá ní ìparí oṣù kẹwàá, màá sì máa ta gàrí lọ. Bí wọn ò bá san, gàrí nìkan ni.

Dèjì_Sábó

Tí wọ́n bá san, jọ̀wọ́ wá sọ fún wa níbí. Èmi ṣì rò pé wọ́n á san.